Hòtẹ́ẹ̀lì ní òun ò gba kọ́bọ̀, bánkì ní owó ò sí lọ́wọ́ òun: $255 mi dà?

Fìsáyọ̀ Ẹ̀bútẹ́, Ìkòròdú · 13 Oṣù Kẹwàá, 8:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ó ti ń sú mi. Ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni mo gba yàrá sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ákrà, lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń gba yàrá. Alẹ́ mẹ́ta ni, $85 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi la fẹ́ bá wọn ṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé tí mo bá débẹ̀ ni màá tó sanwó, àti pé mo lè fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ kẹwàá. Káàdì àkáǹtì dọ́là mi ni mo fi sí i. Kò pẹ́ rárá tí álẹ́ẹ̀tì fi wọlé pé $255 ti jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbé ìgbéyàwó lọ sí Kùmásí. Mo fagi lé yàrá náà lójú ẹsẹ̀, íméèlì sì wọlé pé wọ́n ti fagi lé e, kò sí owó ìtanràn. Títí di òwúrọ̀ yìí, owó ò padà. Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ò mú nǹkan kan lórí káàdì mi. Mo lọ sí bánkì, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní owó náà ò sí lọ́wọ́ àwọn, kí n lọ bá hòtẹ́ẹ̀lì. $410 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Mo fẹ́ fi $190 gba yàrá ní Kùmásí báyìí, káàdì ń kọ̀ ọ́. Ta ló ń parọ́ fún mi nínú àwọn méjèèjì?

Akànní Òdógunyàn · 8:40 àárọ̀

Bánkì ni o, ta ni ì bá tún jẹ́? Owó yín ni wọ́n fi ń ṣòwò. Ẹ wọ áápù yín báyìí, ẹ dí káàdì náà pa, kí ẹ gba tuntun. Tí káàdì àtijọ́ bá ti kú, gbogbo ohun tó ń kọ `Pending` lórí rẹ̀ máa já bọ́ lọ́jọ́ kejì. Hòtẹ́ẹ̀lì ò sì ní rí ibi yọ nǹkan mọ́.

Ìyá Àlímì, Ẹ̀pẹ́ · 9:05 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ojú tèmi náà ti rí i. Lọ́jà Olúwo níbí, oníbàárà kan ra ẹja lọ́wọ́ mi, ó fa káàdì lórí POS, álẹ́ẹ̀tì dé sórí fóònù tiẹ̀ pé owó ti kúrò, èmi ò sì rí nǹkan kan. A bá ara wa fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ owó rẹ̀ padà sí àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣe sùúrù, tìẹ náà á padà.

Sẹ̀nà, Àgbádárìgì · 10:31 àárọ̀

Àǹtí Fìsáyọ̀, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ibi tó ti le gan-an nìyẹn. Mo ti jókòó sídìí tábìlì ìgbàlejò hòtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀pọ̀ ọdún níbí, èmi ni mo sì máa ń ṣe ìṣirò òru, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn káńtà.

Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì fi nọ́ńbà káàdì yín sínú ẹ̀rọ, kò gba owó. Ó bi bánkì yín pé, ṣé $255 wà níbí? Bánkì ní ó wà, ó fún hòtẹ́ẹ̀lì ní kóòdù àṣẹ tó jẹ́ lẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́fà, ó wá so $255 náà mọ́lẹ̀ kí ẹ má baà ná an kí hòtẹ́ẹ̀lì tó wá gbà á. Bí ìgbà tí oníṣòwò bá yọ aṣọ sọ́tọ̀ fún oníbàárà ni: aṣọ ṣì wà ní ìsọ̀, ṣùgbọ́n kò lè tà á fún ẹlòmíì. Gbígba owó gan-an jẹ́ ìgbésẹ̀ kejì, hòtẹ́ẹ̀lì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Tiyín ò tíì dé ìgbésẹ̀ kejì yẹn, ìdí nìyẹn tí hòtẹ́ẹ̀lì fi lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ò mú kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Kò sì sí ẹni tó sọ fún bánkì pé ẹni tó fẹ́ gbowó náà ò fẹ́ ẹ mọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ ṣí áápù bánkì yín kí ẹ wo nǹkan méjì fún wa. Iye wo ló wà níwájú `Ledger balance`, ìyẹn gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì, iye wo ló sì wà níwájú `Available balance`, ìyẹn èyí tí ẹ lè ná? Ẹ tún fa sítétímẹ́ǹtì láti ọjọ́ kẹta títí di òní, kí ẹ wò ó bóyá $255 wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ti álẹ́ẹ̀tì ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ bánkì ló ń rán álẹ́ẹ̀tì bákan náà, ìbáà jẹ́ pé wọ́n so owó ni tàbí pé wọ́n gbà á.

Fìsáyọ̀ Ẹ̀bútẹ́ · 11:02 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. `Ledger` ní $410. `Available` ní $155. Mo fa sítétímẹ́ǹtì, kò sí $255 kankan nínú rẹ̀! Orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì ló wà nínú álẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ìkànnì.

Sẹ̀nà, Àgbádárìgì · 11:20 àárọ̀

Ó ti yé wa báyìí. $255 wà nínú àkáǹtì yín, wọ́n kàn so ó mọ́lẹ̀ ni. Hòtẹ́ẹ̀lì ló so ó, ìkànnì ò mọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lọ́dọ̀ ìkànnì.

Ọ̀nà méjì ni ohun tí wọ́n so báyìí sábà máa ń gbà tú. Yálà hòtẹ́ẹ̀lì rán ìfagilé àṣẹ náà sí bánkì, tàbí ọjọ́ rẹ̀ pé kí ó tú fúnra rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n yẹ kí wọ́n ti ṣe lọ́jọ́ kẹfà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìwé tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ń to yàrá yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ fagi lé e lórí ìkànnì, iṣẹ́ náà dé inú ìwé yàrá, yàrá di òfìfo, íméèlì jáde, ọmọ tó wà ní káńtà rò pé ó ti parí. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ káàdì, kí ó wá `Pre-Auth`, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n fi so owó, ti ọjọ́ kẹta jáde, kí ó fagi lé òun náà. Tí kò bá sẹ́ni tó ṣe é, bánkì yín ò ní mọ̀ láé. Mo ti rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì tó dára gan-an pé wọ́n gbàgbé èyí, pàápàá tí ẹni tó gba yàrá sílẹ̀ bá fagi lé e ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ní ti ọjọ́ tó máa tú fúnra rẹ̀: Visa àti Mastercard gba hòtẹ́ẹ̀lì láàyè tó gùn ju ti ilé ìtajà lásán lọ, torí pé àlejò lè pẹ́ kó tó dé. Ó lè tó ọjọ́ 30. Láti ọjọ́ tí wọ́n so ó ni wọ́n ń kà á, ọjọ́ tí ẹ fagi lé e ò kàn wọ́n. Tiyín bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹwàá, nítorí náà ọjọ́ kejì Oṣù Kọkànlá ló máa pé ọjọ́ 30. Bánkì lè ní àkókò tirẹ̀ tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó fi máa tú u ṣáájú. Ìyẹn wà lọ́wọ́ bánkì yín.

Akànní Òdógunyàn · 11:45 àárọ̀

Ọjọ́ 30 kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí mo ra nǹkan lórí ayélujára tí mo fagi lé e, ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Mo ṣì ní kí wọ́n dí káàdì pa.

Bọ̀dá Rẹ̀mí, Ìgbógbó · 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí ti dídí káàdì yìí kó tó pa ẹnì kan lára. Iṣẹ́ awuyewuye káàdì ni mo ń ṣe ní bánkì, n kò ní sọ bánkì wo. Àkáǹtì ni wọ́n so owó mọ́, kì í ṣe ike tó wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá dí káàdì pa, $255 á ṣì wà nídè bó ṣe wà. Ohun tó tún burú ni pé ìfagilé àṣẹ máa ń wá pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì àtijọ́. Ó sábà máa ń bá àkáǹtì náà pàdé, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ní láti fọwọ́ wá a jáde, tí ó sì tún fa ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ọ̀sẹ̀ kan tí Akànní sọ, kò purọ́. Ọjà lásán lórí ayélujára sábà máa ń tú láàrin ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10. Hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń háyà àti ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ni wọ́n fún ní ọjọ́ gígùn. Bó ṣe jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló so tiyín, Àǹtí, mi ò lè fi ọ̀sẹ̀ kan dá yín lójú.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ò ríbi wo àṣẹ káàdì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, sítétímẹ́ǹtì ló ń rí, ìyẹn ló ṣe ní owó ò sí lọ́wọ́ àwọn. Ẹ ní kí ó fi yín sọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó káàdì. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni pé: ọjọ́ wo ni àṣẹ $255 tí hòtẹ́ẹ̀lì yìí gbà ní ọjọ́ kẹta máa pé lọ́dọ̀ yín, kóòdù àṣẹ rẹ̀ sì ńkọ́? Ọjọ́ gan-an ni kí ẹ gbà lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe sùúrù, ẹ tún ìbéèrè náà bi wọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ kọ ìwé awuyewuye fún ìdápadà owó nísinsìnyí. Owó tí wọn ò tíì gbà ò ṣeé bá wọn fà. Ó dìgbà tí ó bá ti wọ sítétímẹ́ǹtì.

Ìyá Àlímì, Ẹ̀pẹ́ · 1:40 ọ̀sán

Ṣé ti oníbàárà mi yẹn náà, wọ́n so ó ni?

Bọ̀dá Rẹ̀mí, Ìgbógbó · 1:52 ọ̀sán

Rárá, Màmá. Tiyín, owó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ yín, ìsanwó náà kú sí ojú ọ̀nà. Ìyẹn ni Báńkì Àpapọ̀ dá àkókò fún pé kí bánkì dá padà kíákíá. Ti Àǹtí Fìsáyọ̀ ò kùnà o, ó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, ẹni tó yẹ kó tú u ni kò tíì tú u. Bí ẹ bá gbé òfin ìsanwó tó kùnà lọ bá bánkì lórí èyí, wọ́n á ní kò kàn yín.

Fìsáyọ̀ Ẹ̀bútẹ́ · 2:30 ọ̀sán

Ó yé mi. Kí ni kí n wá sọ fún hòtẹ́ẹ̀lì? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé àwọn ò gba nǹkan kan. Ẹnì kan tún ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ láti orí ibí, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní bánkì mi, kí n fi nọ́ńbà káàdì àti OTP ránṣẹ́ kí òun tú u.

Sẹ̀nà, Àgbádárìgì · 2:48 ọ̀sán

Ẹ dènà ẹni yẹn! Kò sí ohun tó kan OTP nínú ká tú owó tí wọ́n so. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí káàdì ni ẹnikẹ́ni lè nílò, ìyẹn ò sì tó fi jalè.

Ní ti hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ má pè wọ́n mọ́, íméèlì ni kí ẹ kọ, sí àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó, kì í ṣe sí tábìlì ìgbàlejò. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ ìdápadà owó nínú rẹ̀ rárá. Tí ẹ bá ní kí wọ́n dá owó padà, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á rí i pé àwọn ò gba owó, wọ́n á sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ẹ ní kí wọ́n fagi lé `Pre-Auth`. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n so ó, $255, nọ́ńbà ìgbàyàrá, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí káàdì, àti kóòdù àṣẹ tí Bọ̀dá Rẹ̀mí ní kí ẹ gbà ní bánkì. Kóòdù yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n fi ń wá a láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ so íméèlì ìfagilé mọ́ ọn.

Tí wọ́n bá ṣe é, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé pélébé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tàbí ojú ìwé orí kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ sí yín.

Bọ̀dá Rẹ̀mí, Ìgbógbó · 3:10 ọ̀sán

Mo fi kún un. Tí ẹ̀rọ hòtẹ́ẹ̀lì ò bá lè ṣe é mọ́, ó ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, kí wọ́n kọ lẹ́tà sórí ìwé tó ní orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì lórí, pé àwọn ò ní gba $255 tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí, kí bánkì tú u. Àwọn kan nínú wa máa ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tú u lọ́wọ́. Àwọn kan ò ní gbà. Ìdí ni pé tí a bá tú u tán, tí hòtẹ́ẹ̀lì sì wá rán ìgbowó lẹ́yìn náà, ó ṣì lè wọlé, àkáǹtì oníbàárà á sì lọ sínú gbèsè. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń ba bánkì.

Táíwò, Ìjẹ̀dẹ̀ · 6:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bá mi yanjú tèmi náà. Káàdì náírà ni mo fi gba yàrá ní ìlú òyìnbó, dọ́là ni wọ́n kọ. Nígbà tí mo fagi lé e, owó tó padà kéré sí ohun tó jáde. Ta ló jẹ ìyókù?

Bọ̀dá Rẹ̀mí, Ìgbógbó · 7:05 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ìlà méjì wà nínú sítétímẹ́ǹtì yín, ọ̀kan tó jáde, ọ̀kan tó wọlé? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gba tiyín tán ni, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ mìíràn, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ yẹn. Ìyàtọ̀ náà ti inú pàṣípààrọ̀ wá. Tó bá jẹ́ pé wọ́n so ó lásán ni, náírà yín ò kúrò níbẹ̀, iye kan náà gan-an ni ìbá tún hàn nígbà tí wọ́n bá tú u.

Táíwò, Ìjẹ̀dẹ̀ · 7:11 ìrọ̀lẹ́

Ìlà méjì wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gba yàrá gan-an ni èyí tó jáde wà lórí rẹ̀, ọjọ́ yẹn kan náà.

Sẹ̀nà, Àgbádárìgì · 7:30 ìrọ̀lẹ́

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan máa ń gba owó lójú ẹsẹ̀, tí iye yàrá náà bá jẹ́ irú olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣeé dá padà. Àwọn bánkì kan náà sì wà níbí tí wọ́n ń kọ owó tí wọ́n so sínú sítétímẹ́ǹtì bí ẹni pé ó ti jáde, tí wọ́n á tún kọ `RVSL` nígbà tó bá tú. Tí `RVSL` bá wà lára ìlà kejì yẹn, a jẹ́ pé bánkì yín ló yẹ kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà.

Táíwò, Ìjẹ̀dẹ̀ · 7:34 ìrọ̀lẹ́

`RVSL` ni o.

Bọ̀dá Rẹ̀mí, Ìgbógbó · 8:01 alẹ́

Hmm. Ẹ kọ íméèlì sí bánkì, kí ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n fi ṣẹ́ dọ́là nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì tó nítumọ̀, ẹ kọ ọ́ sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ so íméèlì àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Wọn kì í gba ẹjọ́ ẹni tí kò bá tíì kọ́kọ́ bá bánkì rẹ̀ sọ ọ́.

Fìsáyọ̀ Ẹ̀bútẹ́ · 20 Oṣù Kẹwàá, 9:40 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bánkì fún mi ní kóòdù, wọ́n ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ló máa pé lọ́dọ̀ àwọn. Mo kọ íméèlì sí àwọn oníṣirò hòtẹ́ẹ̀lì bí ẹ̀gbọ́n Sẹ̀nà ṣe ní kí n kọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún wọ́n fèsì pé ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ, pé àwọn ti fagi lé e, wọ́n sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo gbé e lọ sí bánkì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan tó wọlé. Lánàá, `Available` padà sí $410. Mo ti gba yàrá Kùmásí.

Akànní Òdógunyàn · 9:58 àárọ̀

Bánkì ló tú u nìyẹn, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ wọn ló pé.

Sẹ̀nà, Àgbádárìgì · 10:20 àárọ̀

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìfagilé láti òkè òkun náà lè gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó hàn ní bánkì, òpin ọ̀sẹ̀ sì wà láàrin rẹ̀. Àǹtí, ẹ tọ́jú fọ́tò yẹn títí Oṣù Kọkànlá yóò fi wọlé dáadáa. Tó bá jẹ́ pé bánkì ló tú u tí hòtẹ́ẹ̀lì ò sì fagi lé e dáadáa, wọ́n ṣì lè rán ìgbowó wá. Tí ó bá wọ sítétímẹ́ǹtì, ìgbà yẹn ni ẹ máa wá kọ ìwé awuyewuye tí Bọ̀dá Rẹ̀mí ní kí ẹ má tíì kọ, pẹ̀lú fọ́tò náà àti íméèlì ìfagilé.

Fìsáyọ̀ Ẹ̀bútẹ́ · 10:26 àárọ̀

Mo ti gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, hòtẹ́ẹ̀lì Kùmásí yìí náà ti so $190 lónìí o, ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kejìlá la sì fẹ́ débẹ̀. Ọjọ́ 30 á ti pé ṣáájú. Ṣé wọ́n á tún so òmíràn ni?

Sẹ̀nà, Àgbádárìgì · 10:41 àárọ̀

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n so tuntun nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé. Ẹ fi $190 sílẹ̀ sínú àkáǹtì náà nígbà yẹn, kí ẹ sì bi wọ́n lórí íméèlì bóyá wọ́n máa tú ti àkọ́kọ́ kí wọ́n tó so èkejì.